Bí a ṣe ń tún àtẹ̀jíṣẹ́ kọ nígbà tí a bá ṣèèṣì fi owó tó pọ̀ jù ránṣẹ́ sí ọlọ́jà

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀ràn kan ṣoṣo, kí a sì tẹ̀ lé e títí dé òpin. Obìnrin kan tó ń se oúnjẹ tà ní Àjìlósùn, ní Adó-Èkìtì, ra ìrẹsì lọ́wọ́ ìyá kan ní Ìgbẹ́mọ. Owó ìrẹsì náà jẹ́ ₦14,500. Nígbà tí ó ń fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀, ó tẹ òdo kan lé e, ni ₦145,000 bá wọ àkáǹtì ìyá oníìrẹsì. Àwọn méjèèjì mọra, wọ́n sì ti ń ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn tipẹ́. Síbẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sáábà máa ń kọ nígbà tí àyà rẹ̀ ṣì ń já lè da nǹkan rú ju bí ó ṣe yẹ lọ. Bí a ṣe ń tún un kọ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ wo ohun tó lọ gan-an kí ẹ tó kọ ohunkóhun

Ẹ ṣí ápù báńkì yín, kí ẹ lọ sí ibi tí ó ti ń to àwọn owó tó wọlé àti èyí tó jáde lẹ́sẹẹsẹ. Bí ohun tí ẹ rí níwájú owó náà bá jẹ́ `Pending`, owó náà kò tí ì dé ibi tó ń lọ, ó sì lè padà wá fúnra rẹ̀. Ẹ má tíì kọ sí ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ `Successful`, ẹ ṣí rìsíìtì rẹ̀, kí ẹ sì da nǹkan mẹ́rin kọ láti ibẹ̀, kì í ṣe láti inú orí yín: iye owó, ọjọ́ àti aago, orúkọ tó jáde lórí àkáǹtì tó gbà á, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó náà. Bí báńkì ẹ̀yin àti ti ọlọ́jà bá yàtọ̀ síra, nọ́ńbà yìí ni wọ́n ń pè ní `Session ID`, ó sì máa ń jẹ́ oní-nọ́ńbà 30. Òun ni báńkì méjèèjì fi ń wá owó kan ṣoṣo rí láàárín ẹgbàágbèje. Ẹ kò ní nílò rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá ọlọ́jà sọ, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú rẹ̀, nítorí báńkì lè bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ìṣirò náà sórí ìwé. Èyí tó lọ jẹ́ ₦145,000. Èyí tó tọ́ sí ìyá jẹ́ ₦14,500. Èyí tó lé jẹ́ ₦130,500. Mo rí i pé ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń kùnà. Ẹni tó kọ ọ́ á dárúkọ ₦145,000 nìkan, ọlọ́jà á sì rò pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, á wá máa bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni yóò san owó ìrẹsì òun. Bí gbèsè àtijọ́ kan bá wà láàárín yín, bóyá ẹ̀yin ni ẹ jẹ ẹ́ tàbí òun ló jẹ yín, ẹ má ṣe rọra yọ ọ́ mọ́ ìṣirò yìí. Ẹ yanjú ti àṣìṣe yìí ná, kí iye tó wà lórí rìsíìtì àti iye tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ lè bára mu láìsí àlàyé.

Ó ku owó tí yóò ná ọlọ́jà láti dá a padà. Nínú ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2020, owó ìfiránṣẹ́ fún iye tó bá ju ₦50,000 lọ jẹ́ ₦50, owó-orí 7.5% sì wà lórí rẹ̀, tí àpapọ̀ rẹ̀ fi jẹ́ ₦53.75. Ìjọba náà sì ń gba ₦50 lórí owó tó bá tó ₦10,000 sókè. Kò yẹ kí ìyá náà fi owó ara rẹ̀ tún àṣìṣe wa ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó yọ owó báńkì kúrò kí ó tó fi èyí tó kù ránṣẹ́, a ti fi ìṣirò lé e lọ́rùn, a kò sì tún mọ iye tí a ó máa retí. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí a fi ₦200 sílẹ̀ fún un, kí a sì dárúkọ iye kan ṣoṣo tí yóò tẹ̀: ₦130,300.

Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́, àti ohun tó ṣe é

Irú èyí ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ ẹni:

> Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́, mo ti fi owó ńlá ránṣẹ́ sí yín láìmọ̀, owó yẹn kì í ṣe tèmi o, owó àjọ ni. Ẹ bá mi dá a padà kíákíá, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ má fi sí àkáǹtì mi ti tẹ́lẹ̀, ó ń yọ mí lẹ́nu, ẹ fi sí ti àbúrò mi yìí. Mo kúnlẹ̀ fún yín, tí ẹ bá lè ràn mí lọ́wọ́, Ọlọ́run á san yín lẹ́san.

Ẹ fi ojú ìyá oníìrẹsì wò ó. Gbogbo ọlọ́jà tó ń gba owó láti orí fóònù ló ti gbọ́ nípa àwọn oníjìbìtì tí wọ́n ń fi ayédèrú áláàtì ránṣẹ́, tí wọ́n á pe ọlọ́jà, tí wọ́n á ní àwọn ṣèèṣì fi owó tó pọ̀ jù ránṣẹ́, kí ó bá àwọn dá èyí tó lé padà. Ọlọ́jà á fi owó tirẹ̀ ránṣẹ́, kó tó mọ̀ pé kò sí owó kankan tó wọlé. Àmì mẹ́ta ni wọ́n fi ń dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀: ó kánjú, kò dárúkọ iye owó dáadáa, ó sì ń darí owó sí àkáǹtì ẹlòmíràn. Àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé sínú àtẹ̀jíṣẹ́ òkè yìí, bẹ́ẹ̀ olóòótọ́ ni ẹni tó kọ ọ́. Bí ìyá náà kò bá dáhùn, ọgbọ́n ló lò.

Nítorí náà, èyí tó kọ́kọ́ yẹ kí a tún ṣe ni àkáǹtì. Àkáǹtì tí owó ti jáde ni kí owó padà sí, kò sí méjì. Ìwé àkáǹtì ọlọ́jà á fi hàn pé owó kan wọlé láti ibì kan, apá kan rẹ̀ sì padà síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í ní ìbéèrè lọ́la, kò ní ohun tó máa ṣàlàyé. Bí àkáǹtì yín bá ń yọ yín lẹ́nu lóòótọ́, báńkì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bá yanjú rẹ̀.

Ìkejì ni iye owó. «Owó ńlá» kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ tẹ nọ́ńbà. Ẹ kọ ọ́ ní nọ́ńbà, kí ẹ sì tún kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. Òdo ló fa wàhálà yìí lákọ̀ọ́kọ́, òdo sì tún lè fa òmíràn bí ìyá náà bá ka ₦130,300 sí ₦13,030. Ẹni tó ka «ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádóje» kò lè ṣì í kà.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ìbẹ̀bẹ̀. Ọmọ Èkìtì mọ bí a ti ń kí àgbà, kò sì sí ẹni tó ní kí a má kí. Ṣùgbọ́n àpọ̀jù ẹ̀bẹ̀ máa ń yí ọ̀ràn padà: ó ń sọ ọ́ di pé a ń tọrọ owó, nígbà tó jẹ́ pé owó tí kì í ṣe ti ọlọ́jà ni a ní kí ó dá padà. «Tí ẹ bá lè ràn mí lọ́wọ́» fún un láyè láti sọ pé òun kò lè ràn yín lọ́wọ́ báyìí. «Ẹ jọ̀ọ́ mà» lẹ́ẹ̀kan, ní ibi tí ẹ ti dárúkọ iye owó, ti tó. Ìtàn pé owó àjọ ni, tàbí owó ilé-ìwé ọmọ, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí owó náà bá jẹ́ tiyín pátápátá, ṣé kò ní dá a padà ni? Ohun tó yẹ kó rọ́pò ìtàn náà ni gbólóhùn kúkúrú kan tó gba ẹ̀bi: àṣìṣe ọwọ́ mi ni. Gbólóhùn yìí ń jẹ́ kí ọlọ́jà mọ̀ pé a kò fura sí òun, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ìkẹrin ni àkókò. «Kíákíá» kì í ṣe ọjọ́. Ẹ dá ọjọ́ kan tó ṣeé ṣe. Ẹni tó wà lọ́jà láti àárọ̀ lè má ráyè jókòó ti fóònù títí di alẹ́, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì bójú mu.

Bí ó ṣe yẹ kó rí

Ẹ kọ́kọ́ pe ọlọ́jà lórí fóònù. Ní àdúgbò wa, kò dára kí ọ̀rọ̀ owó kọ́kọ́ bá àgbàlagbà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ láìjẹ́ pé ó gbọ́ ohùn wa, ohùn tí ó mọ̀ sì ń lé ìfura lọ. Ẹ kí i, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣókí, kí ẹ ní ẹ ó kọ ọ́ ránṣẹ́ kí iye owó náà má bàa dàrú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi èyí ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, pẹ̀lú àwòrán rìsíìtì:

> Ẹ kú ọjà o, Màámi. Èmi oníbàárà yín tó ń se oúnjẹ tà ní Àjìlósùn ni.
>
> Láàárọ̀ òní, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 2026, ní aago 9:42, mo ṣèèṣì fi ₦145,000 (ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́jọ náírà) ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín dípò ₦14,500 (ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà) tí í ṣe owó ìrẹsì tí mo rà. Àṣìṣe ọwọ́ mi ni.
>
> Èyí tó lé jẹ́ ₦130,500. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ₦130,300 (ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádóje àti ọ̀ọ́dúnrún náírà) ránṣẹ́ padà sí mi, kí ẹ fi ₦200 tó kù san owó tí báńkì máa yọ lọ́wọ́ yín.
>
> Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo àkáǹtì yín bóyá owó náà wọlé lóòótọ́. Àkáǹtì tí owó ti wá ni kí ẹ dá a padà sí. Nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 4471, orúkọ mi ni yóò sì jáde. N kò ní fi nọ́ńbà àkáǹtì mìíràn ránṣẹ́ sí yín.
>
> Tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ bá mi ṣe é kí ilẹ̀ ọ̀la, Ọjọ́rú, tó ṣú. Ẹ ṣeun, mà.

Ẹ wò ó pé gbólóhùn tó ní kí ìyá wo àkáǹtì rẹ̀ ṣáájú ìgbà tí yóò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí. Oníjìbìtì kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Àkáǹtì ni mo sì ní kí ó wò, kì í ṣe áláàtì, nítorí áláàtì lásán ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Iye tó ṣẹ́kù nínú àkáǹtì kì í parọ́.

Nọ́ńbà àkáǹtì náà ní kíkún, oní-nọ́ńbà 10, ẹ fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀ lẹ́yìn èyí, láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn lára rẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ rìsíìtì máa ń bo àárín nọ́ńbà ẹni tó fi owó ránṣẹ́ mọ́lẹ̀, ọlọ́jà kò sì ní rí i dà kọ níbẹ̀. Bí nọ́ńbà bá dá wà, yóò fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ́ lórí fóònù rẹ̀, yóò dà á kọ bó ṣe wà, yóò sì fi ìparí rẹ̀ wé 4471 tó ti kà tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì yín tàbí nọ́ńbà àṣírí kankan kún un. Kò sí ohun tí ọlọ́jà fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Bí fóònù ọlọ́jà bá jẹ́ èyí tí kò ní Wásáàpù

Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù kékeré gba lẹ́tà 160 lójú ewé kan, bí ó bá jẹ́ lẹ́tà lásán ni a lò. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi ẹyọ lẹ́tà kan bíi ẹ, ọ tàbí ṣ sí i, tàbí àmì ₦ pàápàá, ìwọ̀n ojú ewé náà á já sí 70. Àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn á wá pín sí ewé púpọ̀, fóònù mìíràn sì lè fi àpótí òfìfo rọ́pò àwọn lẹ́tà tí kò mọ̀. Bí ewé kan bá pẹ́ kó tó dé, ìyá lè rí ₦145,000 kó má rí ₦130,300. Mo fẹ́ràn kíkọ Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀ ní ibi gbogbo, ṣùgbọ́n níhìn-ín, kí iye owó dé lódindi ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi N rọ́pò ₦, kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí:

```
E ku oja ma. Mo fi N145,000 ranse dipo N14,500 ni 9:42 aaro yii. E jowo, e wo akanti yin, ki e da N130,300 pada sibi ti owo ti wa. Onibara yin, Ajilosun.
```

Kò tó 160. Ọ̀rọ̀ nípa ₦200 kò sí nínú rẹ̀ nítorí pé ẹ ti sọ ọ́ lórí fóònù, bí ẹ kò bá sì tíì sọ ọ́, ẹ pè é padà.

Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá rí bí ẹ ṣe ń retí

Ọlọ́jà lè sọ pé òun ti fi owó náà ra ọjà kó tó mọ̀, tàbí pé ilé-iṣẹ́ tí òun yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ ti yọ ọ́ bí ó ṣe wọlé. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kò sì sọ ọ́ di ọlọ́ṣà. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ dá iye àti ọjọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ padà sí i: «Ẹ ṣeun, Màámi. Bí a ṣe sọ ọ́, ẹ ó fi ₦70,000 ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ẹ ó sì fi ₦60,300 tó kù ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 20. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan dá mi lóhùn bí mo bá gbọ́ ọ dáadáa.» Ìdáhùn rẹ̀, ì báà jẹ́ «bẹ́ẹ̀ ni» péré, ni ẹ̀rí pé ẹ jọ fẹnu kò.

Bí ó bá dákẹ́ títí ọjọ́ tí ẹ dá fi kọjá, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má ṣe kọ ìtàn tuntun. Ẹ tún ọjọ́, aago àti iye kan náà sọ láìyí ohunkóhun padà, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan kún un pé bí ẹ kò bá gbọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ọ̀la tó parí, ẹ ó jẹ́ kí báńkì yín bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má dárúkọ ọlọ́pàá. Ẹni tó bẹ̀rù lè pa fóònù, ẹni tí inú bí lè sọ pé kí ẹ lọ síbi tó bá wù yín.

Ẹ má sì retí pé báńkì á fa owó náà jáde lójú ẹsẹ̀. Owó tó ti wọ àkáǹtì ẹlòmíràn, báńkì kì í ṣàdédé yọ ọ́ láìgba àṣẹ ẹni tó ni àkáǹtì tàbí àṣẹ ilé-ẹjọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé báńkì yín á kọ̀wé sí báńkì ọlọ́jà, tiwọn á sì pe ọlọ́jà láti bi í. Nítorí náà, bí ẹni tí ẹ ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́ sí bá jẹ́ ọlọ́jà tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ jẹ́ kí báńkì yín mọ̀ lọ́jọ́ kan náà tí ẹ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ má dúró. Fún ìyá oníìrẹsì tí a ti mọ̀ tipẹ́, ọjọ́ kan tàbí méjì kò burú. Bí ẹ bá dé báńkì, `Session ID` àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ ti fi ránṣẹ́ ni kí ẹ mú lọ. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín lọ́wọ́ wọn, bí ọ̀sẹ̀ méjì bá sì kọjá tí wọn kò yanjú rẹ̀, ẹ lè gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà.

Nígbà tí owó bá dé

Ẹ ṣí ápù yín, kí ẹ rí i pé ₦130,300 wọlé, kí ẹ má sì gbára lé áláàtì nìkan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ọ́, lọ́jọ́ náà gan-an, sábẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ti àkọ́kọ́:

> Màámi, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti rí ₦130,300 gbà lónìí, Ọjọ́rú, ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2026, ní aago 6:15 ìrọ̀lẹ́. ₦14,500 tó jẹ́ owó ìrẹsì àti ₦200 owó báńkì wà lọ́dọ̀ yín. Kò sí gbèsè kankan láàárín wa lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Bí ẹ bá ti fi ẹ̀sùn sun báńkì kí owó tó dé, ẹ pè wọ́n padà kí wọ́n pa ẹ̀sùn náà dé, kí báńkì má bàa tún máa pe ìyá náà lórí owó tó ti dá padà.